Nọ́ńbà tó ń wá sórí fóònù tó sọnù: kí ni ká máa pè é?

Ọmọ aláṣọ òfì, Ìlọrin:

Àsàlámù àlékún, ẹ̀yin àgbà èdè. Kí ni Yorùbá gidi fún `2-Step Verification`? Mo rí «ìfìdímúlẹ̀ ìgbésẹ̀ méjì» níbì kan, mo kà á sí ìyá mi létí, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Fóònù wọn bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ láàárín Ọjà Ọba sí Gàm̀bàrí lọ́jọ́ Ẹtì. Íméèlì wọn ò ṣeé wọ̀ mọ́, torí orí fóònù tó sọnù yẹn ni nọ́ńbà tí wọ́n ń béèrè ń lọ. Ẹ fún mi lórúkọ tí mo lè fi ṣàlàyé fún wọn, kí ẹ sì sọ ohun tí a óò ṣe.

Onísíìmù, Ọ̀fà:

Ìyẹn ò le. Ẹ lọ ṣe wẹ́kọ́ọ̀mù báàkì. Kí ìyá mú NIN wọn dání lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ síìmù wọn, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n máa gbé sórí síìmù tuntun, kóòdù á sì máa wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ní ti orúkọ, kóòdù ni gbogbo oníbàárà mi ń pè é, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Òmù-Àrán:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ orúkọ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. «Ìfìdímúlẹ̀ ìgbésẹ̀ méjì» ò gbé nǹkan kan dání. Ìgbésẹ̀ ń lọ síbo? Ta ni ń fìdí kí ni múlẹ̀? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Yorùbá ti ń ṣe kí fóònù tó dé. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé á kágò, onílé á ní «àgò yà», àlejò á wá wọlé. Wíwọlé náà la kúkú ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe nínú íméèlì. Mo ní ká pe ìbéèrè tó ń jáde lójú fóònù ní «ìkágò», ká pe nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní «àrokò», torí ohun tí a fi ránṣẹ́ tó jẹ́ pé ẹni tí a rán an sí nìkan ló mọ ìlò rẹ̀ ni àrokò.

Aṣàtúnṣe fóònù, Táńkẹ̀:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. «Ìkágò» dùn létí mi, àmọ́ ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, mo máa sọ ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹni tó béèrè lóhùn, torí fóònù yẹn ṣì wà níta.

Àbúrò mi tó wà ní Ọ̀fà ò parọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ń kó pọ̀ pè ní kóòdù. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń wá nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Nọ́ńbà síìmù nìyẹn ń tẹ̀ lé, kò mọ fóònù kankan. Tí síìmù bá ti padà, òun náà á padà.

Èkejì ni èyí tí áàpù bíi Google Authenticator ń gbé jáde, díjíìtì mẹ́fà tó ń yí padà ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 30. Kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ so áàpù mọ́ íméèlì yín, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kan. Kọ́kọ́rọ́ yẹn àti aago inú fóònù ni áàpù fi ń ṣírò nọ́ńbà náà, òun ló fi ń ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, òun náà ló sì ń jẹ́ kó kùnà tí aago fóònù bá ti ṣáko. Inú fóònù ló ń gbé. Ẹ ṣe wẹ́kọ́ọ̀mù báàkì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní bá síìmù padà. Láti 2023, áàpù yẹn lè fi kọ́kọ́rọ́ náà pamọ́ sínú àkáǹtì Google, kí ẹ rí i lórí fóònù mìíràn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àkáǹtì Google yẹn gan-an ló ti yín mọ́ta, inú yàrá tí ẹ fẹ́ ṣí ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ẹ̀kẹta ni `Backup codes`. Mẹ́wàá ni Google ń fúnni lẹ́ẹ̀kan, díjíìtì mẹ́jọ-mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá gba mẹ́wàá tuntun, àwọn ti tẹ́lẹ̀ ti kú nìyẹn. Orí ìwé ló yẹ kí wọ́n wà, a sì gbọ́dọ̀ ti gbà wọ́n kí fóònù tó sọnù.

Nítorí náà, ẹ lọ sójú ewé tí wọ́n ti ń béèrè nọ́ńbà, kí ẹ tẹ `Try another way`. Ohun tó bá jáde níbẹ̀ ló máa sọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìyá ní. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ pe iléeṣẹ́ síìmù kí wọ́n dí nọ́ńbà náà. Ẹni tó he fóònù lè má mọ páásíwọ́ọ̀dù tó ṣí i, àmọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ sábà máa ń hàn lójú fóònù tí wọ́n tì pa, ó sì lè yọ síìmù yẹn sínú fóònù tirẹ̀ kó máa gba kóòdù ìyá nìṣó.

Ó wá ku «ìkágò». `Is it you trying to sign in?` ò béèrè bóyá ẹ fẹ́ gba àlejò. Ohun tó ń béèrè ni pé ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tí ẹ ò bá gbìyànjú láti wọlé níbì kankan lásìkò yẹn, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ti mọ páásíwọ́ọ̀dù yín, ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà kejì. `No, it's not me` ni ìdáhùn rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo ìyá àgbà tí a ti sọ fún pé ìkágò ni. Ẹ̀kọ́ ilé ò ní jẹ́ kó fi àlejò sílẹ̀ níta, `Yes` ló máa tẹ̀. Mo ti tún íméèlì ẹni méjì ṣe tó jẹ́ ohun tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn: wọn ò ka gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tẹ `Yes` kí nǹkan náà lè kúrò lójú fóònù.

Ìyá ìbejì, Ajáṣẹ́-Ìpo:

Èmi náà ti rí tèmi o. Lórí WhatsApp ni. Mo ṣe wẹ́kọ́ọ̀mù báàkì, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, mo kọ nọ́ńbà mẹ́fà inú rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n tún ní kí n kọ nọ́ńbà mẹ́fà mìíràn, àkọlé rẹ̀ sì ni `Two-step verification`. Mo jókòó ti fóònù láti àárọ̀ títí wọ́n fi ké ìrun àṣálẹ́, mò ń retí àtẹ̀jíṣẹ́ kejì. Kò wá. Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ajáṣẹ́ ni?

Aṣàtúnṣe fóònù, Táńkẹ̀:

Màámi, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò sẹ́ni tó máa fi ìkejì ránṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín yan nọ́ńbà mẹ́fà yẹn nígbà kan, bíi PIN káàdì báǹkì. Tí ẹ bá ti fún WhatsApp ní íméèlì, ẹ tẹ `Forgot PIN?`, wọ́n á gba ibẹ̀ tún un ṣe fún yín. Tí kò bá sí íméèlì, ọjọ́ méje lẹ máa dúró kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ yan òmíràn.

Bàbá Olùkọ́, ẹ wo èyí: orúkọ kan náà ni Google àti WhatsApp ń pè é. Tọ̀hún ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́, tìhín ń retí èyí tó wà lọ́kàn yín. Tí a bá túmọ̀ orúkọ yẹn lásán, àṣìṣe tó mú ìyá ìbejì jókòó ti fóònù la máa túmọ̀. Èyí tó wà lọ́kàn ẹni ì bá ti máa jẹ́ «nọ́ńbà àmọ̀sínú».

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Òmù-Àrán:

Mo gbà pé a ò gbọ́dọ̀ kó wọn pọ̀. «Àmọ̀sínú» dáa. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì ṣẹ́gun àgò. Gbogbo ẹni tó kágò kọ́ là ń sọ fún pé àgò yà. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ohun tí à ń kọ́kọ́ sọ ni pé «Ta nìyẹn?» Ẹ jẹ́ ká pe gbogbo ètò náà ní «ta-nìyẹn». Orúkọ tó jẹ́ odindi gbólóhùn ò ṣàjèjì sí wa, bí a ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ ta-nìyẹn mọ̀ pé wọ́n ń bi òun ní ìbéèrè, ó sì mọ̀ pé ìdáhùn kan wà tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Onísíìmù, Ọ̀fà:

Mo gbọ́ ti áàpù yẹn, ẹ ṣé, èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti padà wá bá mi pé síìmù ti dé, kóòdù ò wọlé, mo máa ń ní kí wọ́n pa fóònù kí wọ́n tún un tàn. Àmọ́ «àrokò» ò lè ta lọ́wọ́ mi. Tí mo bá sọ fún oníbàárà pé kó dúró de àrokò, á rò pé ẹnì kan fẹ́ bá òun jà.

Ọmọ aláṣọ òfì, Ìlọrin:

Ẹ ṣeun gidi. Mo tẹ `Try another way`, nǹkan méjì ló jáde: àtẹ̀jíṣẹ́ sí nọ́ńbà ìyá, àti `Enter one of your 8-digit backup codes`. Mo ní, «Ìyá, ṣé ẹnì kan fún yín ní nọ́ńbà mẹ́jọ-mẹ́jọ rí?» Wọ́n dìde, wọ́n gbé ìwé gbèsè wọn wá. Ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ìlà mẹ́wàá wà níbẹ̀ tí wọ́n fi nọ́ńbà kéwú kọ. Ọmọ tó ṣí íméèlì fún wọn nígbà yẹn ló ń pè é, àwọn náà ń kọ ọ́ bí ilé kéwú ṣe kọ́ wọn.

Mo ní mo lè kà á. Mo tẹ ìlà kìíní, wọn ò gbà á. Mo tún un tẹ̀, wọn ò gbà. Ìyá gba ìwé lọ́wọ́ mi. Èyí tó rí roboto, tí mo ń kà sí òdo, wọ́n ní márùn-ún ni, pé èyí tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ ni òdo. Èyí tó la ẹnu sókè ni méje, èyí tó dorí kodò ni mẹ́jọ, mo ti fi ọ̀kan pe èkejì. Wọ́n wá ń pè é fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí. Wọ́n fa ìlà gba àárín ìyẹn, ó ku mẹ́sàn-án.

Mo ti yọ fóònù tó sọnù kúrò ní `Your devices`, mo sì ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù. Ìyá ní «ta-nìyẹn» yé àwọn, àmọ́ tó bá ṣì jẹ́ gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èsì méjèèjì sójú fóònù, àwọn ò ní mọ èyí tí àwọn máa tẹ̀. Mo ní bóyá kí n yí fóònù tuntun sí Lárúbáwá fún wọn, torí ìyẹn ni wọ́n lè kà. Bàbá Olùkọ́ ò ní fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Síìmù ló kù. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lórí rẹ̀, Ọ̀fà ló ń gbé, NIN tirẹ̀ ni wọ́n sì ń béèrè. A máa lọ bá a lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Òmù-Àrán:

Ẹ kí ìyá fún mi o. Nọ́ńbà inú ìwé gbèsè yẹn, kí ni àwọn fúnra wọn ń pè é?

Ọmọ aláṣọ òfì, Ìlọrin:

«Àfipamọ́» ni, sà.