Ẹ̀rọ bípì tí mo fi ránṣẹ́ sí màámi, àti bó ṣe di ọjà

Alábàárù

Ẹ kú ilé o. Ẹnìkan béèrè lánàá pé ọjà wo ni àwa tá a wà lókè òkun lè máa rà ránṣẹ́ sáwọn èèyàn wa nílé. Tèmi ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ bípì wò, àmọ́ kì í ṣe bó ṣe wà nínú páálí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ra ọ̀kan fún màámi, irú èyí tí wọ́n ń dì mọ́ apá, téèyàn á kàn tẹ bọ́tìnnì kan, tí á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra. Lọ́jọ́ kejì tó dé ọwọ́ wọn, wọ́n pè mí, ohùn wọn ti yí padà: 172/98. Lọ́jọ́ kẹta, 168/96. Oorun kò kun ojú mi. Mo ní kí àbúrò mi gbé wọn lọ sí kílíníìkì. Dókítà wo ìwé tá a kọ nọ́ńbà sí, ó fi oògùn kan kún èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí òyì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn tí wọ́n bá ti dìde lórí ibùsùn.

Nọ́ọ̀sì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló bi mí ní ìbéèrè kan péré: "Báwo ni apá màmá yín ṣe tóbi tó?" Mi ò mọ̀. Àbúrò mi wá téèpù télọ̀, ó fi yí apá wọn po ní àárín méjì èjìká àti ìgúnpá. Ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 37. Ìgbà tó yí aṣọ ẹ̀rọ náà, èyí tí wọ́n ń dì mọ́ apá, padà, ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára: 22-32 cm. Bí ẹni fi ṣòkòtò ọmọdé wọ àgbà ló rí. Aṣọ tó bá kéré fún apá ní láti fún un ju bó ṣe yẹ lọ kó tó lè di iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, nọ́ńbà á sì ga ju ti òtítọ́ lọ.

Mo ra aṣọ 32-42 cm tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe fún ẹ̀rọ yẹn, mo fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tó dé, 144/84 ni wọ́n rí. Dókítà kò kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Ó fi aṣọ ńlá tiẹ̀ náà yẹ̀ wọ́n wò kó tó dá oògùn kejì dúró. Inú mi dùn pé ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Látìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ di ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́ sílé, mo sì ń gba owó iṣẹ́ díẹ̀ lé e. Mo ti di ẹ̀rọ 14 ránṣẹ́. Kí n tó ra ohunkóhun, ẹni tó ń sanwó gbọ́dọ̀ pe ilé, kí wọ́n fi téèpù wọn apá ẹni tó máa lò ó. Tó bá jẹ́ pé tọkọtaya ni yóò lò ó, mo máa ń ra èyí tó ní àyè ìrántí fún ẹni méjì, kí nọ́ńbà bàbá má bàa wọnú ti màmá. Mo máa ń tú páálí, mo máa ń gbé aago rẹ̀ sí aago ilé, mo sì máa ń dán an wò lára ara mi. Ìwé tí mo ń fi sínú rẹ̀ kì í ṣe ìwé ńlá tí ilé iṣẹ́ kọ ní èdè mẹ́fà. Ewé páálí kan ni, àwòrán mẹ́rin, lẹ́tà gàdàgbà, ní èdè tí ẹni tó máa lò ó ń sọ.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Bàbá Ọlá

Ọ̀rọ̀ ohun tá a fi ránṣẹ́ sílé yìí dùn mí o. Iná 120 la ní níbi tí mo wà, 230 ni tilé. Mo ra ẹ̀rọ ìlọta dáadáa kan fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo sì ra orí pílọ́ọ̀gì tí wọ́n máa fi kì í bọ ògiri nílé. Mo rò pé mo ti gbọ́n. Wọ́n tàn án, ó ké bí ẹran tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, èéfín yọ, ó tán. Wọ́n ní orí pílọ́ọ̀gì tí mo rà kàn ń jẹ́ kó wọlé ni, kì í dín agbára iná kù.

Ìbéèrè mi ni pé, Alábàárù, ṣé ẹ lè bá mi di ẹ̀rọ ìlọta mìíràn tí kò ní jóná? Ṣé ti bípì yẹn náà kì í jóná ni?

Alábàárù

Bàbá Ọlá, ẹ kú àdánù. Mi ò kì í ta ẹ̀rọ ìlọta o. Àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn ohun èlò kí ẹ tó sanwó. Tí wọ́n bá kọ `INPUT: 100-240V 50/60Hz`, kò sí wàhálà níbi méjèèjì, orí pílọ́ọ̀gì nìkan ló kù. Tó bá jẹ́ `120V` nìkan, ẹ fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣájà fóònù sábà máa ń jẹ́ ti àkọ́kọ́, àwọn ẹ̀rọ tó ń gbóná tàbí tó ń lọ nǹkan sábà máa ń jẹ́ ti èkejì.

Ní ti bípì, mi ò kì í fi ṣájà sí i rárá. Bátìrì `AA` mẹ́rin ló ń lò, ibi gbogbo ni wọ́n sì ti ń tà á. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ aṣọ ń jẹ iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì gbẹ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi sí aago ògiri máa ń kú síbẹ̀ kíákíá, alikaláìnì ló ń pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n má fi bátìrì sílẹ̀ nínú rẹ̀ tí wọn ò bá ní lò ó fún oṣù mélòó kan. Nínú 14 tí mo ti fi ránṣẹ́, ọ̀kan ti bà jẹ́ báyìí: bátìrì tu omi sínú rẹ̀, nǹkan funfun bí iyọ̀ bo ibi irin tó kan orí bátìrì, ẹ̀rọ ò tàn mọ́.

Dẹ̀jọ

Kí ló dé tẹ́ ẹ ń da ara yín láàmú pẹ̀lú téèpù télọ̀? Ti ọrùn ọwọ́ ni mo ra fún àwọn òbí mi. Kékeré ni, kò wúwo nínú ẹrù, kò sí ọ̀rọ̀ apá ńlá apá kékeré. Bàbá mi ń dì í mọ́ra fúnra wọn láìpe ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ ọjà lẹ fẹ́ tà, èyí ló máa yá.

Nọ́ọ̀sì Ìdùnnú

Àbúrò mi Dẹ̀jọ, ìdajì òtítọ́ lo sọ. Tí apá èèyàn bá tóbi débi pé kò sí aṣọ tó bá a mu, a máa ń lo ti ọrùn ọwọ́. Àmọ́ ọrùn ọwọ́ yẹn gbọ́dọ̀ wà lọ́gbọọgba pẹ̀lú ọkàn. Tí bàbá bá gbé ọwọ́ lé itan, nọ́ńbà á ga. Tí wọ́n bá gbé e sókè ju àyà lọ, á wálẹ̀. Ní kí wọ́n pè ọ́ lórí fídíò lẹ́ẹ̀kan, kí o wo ibi tí ọwọ́ wọn wà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé orí itan ni.

Alábàárù, ẹ káre. Ohun kan tí ẹ ò sọ ni bí ẹ ṣe ń yan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà lọ́jà, kò sẹ́ni tó dán an wò mọ́ ti ilé ìwòsàn rí, páálí rẹ̀ lè rẹwà jù lọ. Kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kí o wá a lórí `stridebp.org`, níbi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti dán wò sí, kí o tó rà á. Tí kò bá sí níbẹ̀, èmi ò ní fi í ránṣẹ́ sí ìyá mi.

Lórí ewé páálí yín yẹn, kí ni àwòrán mẹ́rin náà? Tó bá jẹ́ èmi: kí wọ́n tọ̀ kí wọ́n tó jókòó, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ tẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí apá wà lórí tábìlì, kí aṣọ ẹ̀rọ kan ara, kì í ṣe orí ẹ̀wù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Ti àkọ́kọ́ sábà máa ń ga. Àárọ̀ àti alẹ́, ọjọ́ méje. Ẹ ju ti ọjọ́ kìn-ín-ní nù, kí ẹ ro ìyókù pọ̀, kí ẹ pín in sí iye ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Alábàárù

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ti ìtọ̀ ni kò sí lórí tèmi, ìsọfúnni nípa oògùn ló wà níbẹ̀. Mo máa pààrọ̀ rẹ̀.

A ti ṣe ti ọjọ́ méje yẹn fún màámi. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù fún wa ní nọ́ńbà 24. Ti òkè jọ jẹ́ 3,312, ti ìsàlẹ̀ 1,968. Mo pín wọn sí 24: 138/82. Ṣé ó dára àbí kò dára?

Nọ́ọ̀sì Ìdùnnú

Àwọn dókítà kan ń fi 135/85 ṣe ààlà fún èyí tí wọ́n yẹ̀ wò nílé, àwọn mìíràn ń lo 130/80. Ti òkè fi díẹ̀ kọjá méjèèjì. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ sáré lóru. Kí wọ́n mú ìwé náà lọ bá dókítà wọn lọ́jọ́ tí wọ́n máa ń lọ. Èyí tí wọ́n ń sáré tìtorí rẹ̀ ni tó bá kọjá 180/120 tí àyà ń dun èèyàn, tí èémí ò já geere, tí apá kan ara kú, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu. Kọ ìyẹn sí ẹ̀yìn páálí, kí o fi nọ́ńbà ẹni tó wà nítòsí wọn sí i. Ìwọ kọ́ o. Kí lo lè ṣe láti òkè òkun?

Àbíkẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó máa tà á fún gbogbo èèyàn, ẹ gbọ́ tèmi. Mo ra èyí tó ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù fún bàbá mi. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó dùn. Ìgbà tó yá, mo rí i pé wọ́n yẹ ara wọn wò lẹ́ẹ̀mọ́kànlá lọ́jọ́ kan. Tí nọ́ńbà bá ga, ẹ̀rù á bà wọ́n. Ẹ̀rù náà ló máa tún gbé e ga sí i, wọ́n á tún dì í mọ́ra. Èmi náà ń wo fóònù níbi iṣẹ́ bí ẹni ń wo eré bọ́ọ̀lù. Mo pè wọ́n, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n ní ṣebí èmi ni mo rà á.

Dẹ̀jọ

Ṣùgbọ́n èyí tó ń ránṣẹ́ sórí fóònù gan-an ló máa tà jù, Àbíkẹ́. Ẹni tó ń sanwó ló fẹ́ rí nọ́ńbà.

Àbíkẹ́

Òótọ́ ni. Ẹni tó ń sanwó ló fẹ́ ẹ. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń dì í mọ́ lápá.

Alábàárù

Mi ò tíì mọ èyí tí mo máa ṣe sí i. Mẹ́rin nínú àwọn oníbàárà mi ti béèrè fún ti fóònù. Àbíkẹ́, kí lẹ padà ṣe sí ti bàbá?

Àbíkẹ́

Bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú báàgì àbúrò mi obìnrin. Láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, á kì í sínú ẹ̀rọ, bàbá á yẹ ara wọn wò lẹ́ẹ̀mejì, á tún yọ ọ́. Lálẹ́ bẹ́ẹ̀. Aago ẹ̀rọ náà máa ń tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá yọ bátìrì, nítorí náà bírò àti ìwé la fi ń kọ ọ́ báyìí. Bàbá sì ti ra bátìrì mẹ́rin tiwọn lẹ́ẹ̀kan o. Abẹ́ ìrọ̀rí la ti bá a.