Ṣé kí n ṣẹ́ owó kí n tó gbéra, àbí kí n gbà á lẹ́nu ẹ̀rọ báǹkì níbi tí mò ń lọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́wàá nílẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó ń ṣẹ́ owó ní òun kì í gba owó iṣẹ́, àmọ́ ó fi nǹkan bí 6 nínú 100 wọ́n ju iye ọjà lọ. Báǹkì mi máa ń yọ 3 nínú 100, pẹ̀lú iye kan pàtó nígbàkúùgbà tí mo bá fi káàdì gbowó. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fẹ́ gbà á, kó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nírìn-àjò tó kọjá, ẹ̀rọ ní ṣé kí òun fi owó orílẹ̀-èdè mi ṣírò. Mo gbà, ó sì dùn mí, torí iye tó lò wọ́n gan-an. Owó ibẹ̀ ni màá yàn báyìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá gbé káàdì mi mì ńkọ́? Owó ọjọ́ mélòó ló yẹ kí n ṣẹ́ sọ́wọ́?