Ọgọ́rùn-ún wo? Ọ̀rọ̀ tí a lè fi pe máákì-ọ́ọ̀pù àti máájìn

Oníbéèrè:
Ẹ̀yin àgbà, mo ń túmọ̀ ìwé kan fún àwọn onísọ́ọ̀bù. Ìwé náà ya máákì-ọ́ọ̀pù sọ́tọ̀ kúrò lára máájìn, èmi sì ti pe méjèèjì ní "ìdá èrè" láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wá dé ibi tó ti ní èkíní jẹ́ 25%, èkejì jẹ́ 20%, lórí ọjà kan ṣoṣo. Kí ni ká máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Olùkọ́ èdè:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ kan ti tó. Ẹni tó ra ọjà ní 80 tó sì tà á ní 100 ti jèrè 20, kò sí èrè kejì tó sá pamọ́ síbì kan. Bí ìwé náà bá ṣáà fẹ́ yà wọ́n, ẹ sọ fún òǹkàwé pé kó yọ márùn-ún kúrò nínú ti àkọ́kọ́, yóò rí ti èkejì.

Olùtọ́jú ìwé owó:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ pé èrè kan ni. 20 yẹn ò yí padà. Àmọ́ márùn-ún yẹn kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ẹni tó fi 10% lé iye tó ra ọjà, ìyẹn máákì-ọ́ọ̀pù, díẹ̀ lé ní 9% péré ni èrè náà jẹ́ nínú iye tó tà á, ìyẹn máájìn. Ẹni tó fi 50% lé e, nǹkan bí 33% ni. Ẹni tó fi 100% lé e, ìyẹn ẹni tó tà á ní ìlọ́po méjì, 50% ni tirẹ̀. Bí èrè bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àlàfo náà ń fẹ̀.

Èdè wa gan-an ló tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. A kì í sọ pé "ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n" ká dákẹ́, a máa ń ní "nínú ọgọ́rùn-ún". Ó yẹ ká bi ara wa pé: ọgọ́rùn-ún wo? Ẹ pín 80 tí ẹ fi rà á sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, 20 yóò gba mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ìpín náà. Ẹ wá pín 100 tí ẹ tà á bẹ́ẹ̀, ìpín kọ̀ọ̀kan ti tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, 20 kan náà kò ní gbà ju ogún lọ. Iye títà ti ní èrè náà nínú, iye rírà kò ní in. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi lè fi 300% lé ọjà rẹ̀, tí máájìn kò sì ní dé 100% láé, àfi bí wọ́n bá fún un ní ọjà náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Àbá mi ni pé ká pe máákì-ọ́ọ̀pù ní *àfilé*, torí a fi lé iye rírà ni. Ká pe máájìn ní *àṣẹ́kù*, torí òun ló ṣẹ́kù nínú owó oníbàárà lẹ́yìn tí a bá ti yọ iye tí a ra ọjà.

Ẹlòmíì:
Ṣé èlé orí owó tí a yá lẹ ń sọ? Tèmi wá di ìlọ́po méjì kí ọdún tó parí, ẹ kìlọ̀ fún wọn nínú ìwé náà.

Olùtọ́jú ìwé owó:
Rárá o, iye tí a ń pe ọjà ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti ràn wá lọ́wọ́: ká má ṣe lo ọ̀rọ̀ kankan tó bá sún mọ́ "èlé" jù. Bóyá "àfilé" gan-an ń fi ara kọ́ ọ díẹ̀.

Onísọ́ọ̀bù bàtà:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yà wọ́n, torí àìyà wọ́n sọ́tọ̀ ló kó bá mi. Nígbà tí mo ṣírò, mo rí i pé owó ilé, iná àti òṣìṣẹ́ ń kó 25 nínú gbogbo 100 tí mo bá pa. Mo ní bí 30 bá ń ṣẹ́kù, márùn-ún á jẹ́ tèmi. Bàtà tí mo rà ní 1000, mo fi 30% lé e, mo pè é ní 1300. Ọjà ń tà dáadáa, owó sì ń gbẹ. Mo fura sí ọmọ tó ń bá mi tajà, mo sì bá a wí. Lónìí, ó ń dùn mí.

Kò sẹ́ni tó jalè. 300 tí mo jẹ lórí 1300, 23% ni. 25% inú 1300 sì jẹ́ 325. Mo ń pàdánù 25 lórí bàtà kọ̀ọ̀kan, bí mo bá sì ṣe ń tà tó ni mo ń pàdánù tó.

Olùtọ́jú ìwé owó:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ọ̀pọ̀ ló ti bọ́ sínú kòtò yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kí 30 ṣẹ́kù nínú 100, iye rírà ni 70 tó kù. Ẹ ò ní fi 1.3 sọ 1000 di púpọ̀, 0.7 lẹ máa fi pín in: 1428 àti díẹ̀. Nínú tábìlì orí kọ̀ǹpútà, bí iye rírà bá wà ní B2, tí 30% sì wà ní C2, ìlà méjèèjì rèé, àfilé lókè, àṣẹ́kù nísàlẹ̀:

```
=B2*(1+C2)
=B2/(1-C2)
```

Ẹ lè mọ èyí tí ẹ ti lò láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹ kó gbogbo owó tí ẹ pa lóṣù kan, ẹ yọ iye tí ẹ ra àwọn ọjà tó tà yẹn, kí ẹ fi gbogbo owó tí ẹ pa pín ohun tó kù. Bí ẹ bá ń retí 30% tí ẹ bá 23%, ẹ kọ́kọ́ wo ìlà òkè yẹn kí ẹ tó wo ojú ọmọ ọjà. Bí ọjà bá bàjẹ́ tàbí tí ẹ bá ṣe ẹ̀dínwó, iye náà á lọ sílẹ̀ pẹ̀lú, torí náà òun nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ẹ̀dínwó náà ní tirẹ̀. Ẹni tó fi 25% lé 80 tó pè é ní 100 lè rò pé òun lè dín 25% kù láìpàdánù. Inú 100 ni yóò ti dín in, 75 ni yóò gbà, ó ti wọ ojú owó ní 5. Àṣẹ́kù, 20%, ni ibi tó yẹ kó dúró.

Olùkọ́ èdè:
Mo gbà báyìí, ọ̀rọ̀ kan kò tó. Àmọ́ "àṣẹ́kù" ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Bí mo bá gbọ́ "àṣẹ́kù ọjà", ohun tí kò tà ni ó ń wá sí mi lọ́kàn. Owó ilé ò tíì kúrò nínú rẹ̀ pẹ̀lú, báwo la ṣe wá ní ó ti ṣẹ́kù? Ẹ jẹ́ ká lo *èrè lórí rírà* àti *èrè nínú títà*. "Lórí" àti "nínú" ti ṣe gbogbo àlàyé tán. Ká má sáà gé e kúrú sí "èrè-orí", kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹlẹ́dàá ẹni là ń sọ.

Onísọ́ọ̀bù bàtà:
Ó gùn jù fún ẹni tó ń kọ ọ́ sára páálí. "Àfilé" ni màá máa kọ. Kò jọ èlé lójú tèmi.

Oníbéèrè:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Màá lo "àfilé" fún èyí tí a fi lé iye rírà. Fún èkejì, "èrè nínú títà" ni màá kọ sínú ìwé fún ìgbà yìí. Ṣùgbọ́n bí ìwé náà bá dé ibi tí a ti yọ owó ilé àti owó òṣìṣẹ́ kúrò, máájìn náà ló tún pè é. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ fún ìyẹn.