Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ fi lẹ́tà dá iṣẹ́ oníbàárà mi kan dúró, ẹ bá mi wò ó

Ìyá Tóbi, Ọ̀bàntokò:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Àwọn oníṣòwò níbí ní Abẹ́òkúta ni mo ń bá kọ ìwé owó. Láti 2022 ni mo ti ń ṣe é fún Alájì kan tó ń ta símẹ́ǹtì, páànù àti irin ní Láfẹ́nwá. ₦35,000 lóṣù la jọ fẹnu kò sí. Ṣọ́ọ̀bù kan ni wọ́n ní nígbà yẹn. Ohun tí mò ń ṣe ò ju pé kí n kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde, kí n fi wé ìwé báǹkì, kí n sì fún wọn ní ojú ewé kan lópin oṣù tí wọ́n á fi mọ èrè wọn àti gbèsè tó wà níta.

Ṣọ́ọ̀bù ti di mẹ́ta báyìí. Òṣìṣẹ́ ti lé ní mẹ́wàá, èmi ni mò ń ṣírò owó oṣù wọn àti owó orí tí à ń yọ níbẹ̀. Wọ́n ti ń gba Fáàtì lórí ọjà, èmi náà ni mò ń fi í ránṣẹ́ sí ìjọba. Láìpẹ́ yìí báǹkì ní kí wọ́n mú ìwé ọdún mẹ́ta wá kí wọ́n tó yá wọn lówó. Alẹ́ Sátidé ni Alájì pè mí, wọ́n ní àárọ̀ Mọ́ńdè ni báǹkì fẹ́ ẹ. ₦35,000 ṣì ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti sọ̀rọ̀ owó, èsì wọn ni, "A máa wò ó, ọmọ mi." Ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ti dolóògbé ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi ń mú un mọ́ra. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Kì í ṣe àfikún owó ni mò ń wá mọ́, mo fẹ́ kúrò níbẹ̀ ni. Lẹ́tà tí mo kọ rèé:

*"Alájì, ẹ kú iṣẹ́. Ó dùn mí pé mi ò lè bá yín ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí owó tí ẹ ń san kéré jọjọ sí iṣẹ́ tí ẹ ń kó fún mi. Ẹ máa ń pè mí lóru, ẹ máa ń pè mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi kún un, ẹ ò ṣe é. Láti òní lọ mi ò ní ṣe nǹkan kan mọ́. Owó oṣù karùn-ún ṣì wà lọ́wọ́ yín."*

Ṣé kí n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ìjàyè:

Ẹ kú ìfaradà, mà. Ẹ má gbàgbé owó ìfẹ̀yìntì yín o. Nígbà tí èmi kúrò níbi iṣẹ́ mi, oṣù kan ni mo fi sọ fún wọn ṣáájú, wọ́n sì san ọjọ́ ìsinmi tí mi ò lò fún mi. Ẹ wo ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́, ó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ìyá Tóbi:

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò gbà mí síṣẹ́ o. Iṣẹ́ ara mi ni mò ń ṣe, oníbàárà mi ni wọ́n. Kò sí ìwé kankan láàárín wa, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Bàbá Onípáànù:

Kí ni ẹ tún ń kọ lẹ́tà sí? Ẹ sọ fún Alájì pé ₦150,000 ni láti oṣù tó ń bọ̀. Fúnra wọn ni wọ́n máa sá. Ní ti owó oṣù karùn-ún, ẹ má kó ìwé wọn sílẹ̀ títí wọ́n á fi san án. Èmi tí mò ń tajà yìí, tí ìwé gbèsè mi bá wà lọ́wọ́ ẹnìkan, mi ò ní lè sùn.

Àǹtí Oníṣirò, Òkè-Ìlèwó:

Ìyá Tóbi, ẹ má tíì fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Onípáànù ní òótọ́ nínú: ẹni tó bá ṣì fẹ́ ṣiṣẹ́ náà tí owó bá gòkè ni kó kọ iye. Ìwé iye ọ̀tọ̀, ìwé ìdágbére ọ̀tọ̀. Ẹ̀yin ní ẹ ò fẹ́ mọ́. Tí ẹ bá kọ ₦150,000 tí Alájì sì sọ pé "ó dáa," ẹ ti há nìyẹn. Ohun tó mú kí n sọ pé kí ẹ yọ "owó yín kéré" kúrò nínú lẹ́tà náà nìyẹn. Ẹni tó ń tajà ní Láfẹ́nwá bá rí gbólóhùn yẹn, ìnájà ló máa gbọ́. Á ní òun fi ₦10,000 kún un, á ránṣẹ́ sí ìyá yín, ẹ̀yin náà á sì padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ìdí tí ẹ máa kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ tí owó ò lè yí padà. Òótọ́ ni pé ọjà wọn ti tóbi ju ohun tí ẹnìkan tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lè bójú tó. Ìyẹn tó. Ìpè òru àti ti Sọ́ńdè, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ óò sọ ọ́ lójúkojú tí wọ́n bá bi yín.

Ní ti kí ẹ mú ìwé wọn mọ́ra, rárá o. Rìsíìtì, ìwé báǹkì, ìwé owó oṣù, ti oníṣòwò ni gbogbo rẹ̀. Tí ìjọba bá bu owó ìtanràn lé wọn nítorí ìwé tó wà nílé yín, ẹjọ́ di tiyín. Ẹ fi ìnfọ́ìsì lásán béèrè owó oṣù karùn-ún, lọ́tọ̀, kí ó má wọ inú lẹ́tà yìí rárá.

"Láti òní lọ" ni mo rí tí ẹ̀rù bà mí jù. Iṣẹ́ wa kì í parí lọ́jọ́ tí oṣù parí. Ká ní òpin oṣù kẹfà lẹ fi iṣẹ́ sí. Owó orí òṣìṣẹ́ ti oṣù kẹfà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn kí ọjọ́ 10 oṣù keje tó kọjá, Fáàtì ti oṣù kẹfà sì gbọ́dọ̀ wọlé kí ọjọ́ 21 oṣù keje tó kọjá. Ẹ ti lọ, Alájì rò pé ẹ ti ṣe é, ẹ̀yin rò pé ẹni tuntun á ṣe é. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé. Torí náà kí lẹ́tà dárúkọ ọjọ́ méjèèjì, kó sì sọ ẹni tó ni wọ́n.

Ohun kan tún wà. Íméèlì ta ni ẹ fi ṣí ojú òpó owó orí wọn? Nọ́ńbà fóònù ta ni?

Ìyá Tóbi:

Tèmi ni, mà. Alájì ò ní íméèlì nígbà náà.

Àǹtí Oníṣirò:

Ẹ yí i padà sí tiwọn kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì jókòó pẹ̀lú ọmọ wọn nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, torí fóònù yín ni kóòdù máa kọ́kọ́ wọ̀. Tí kóòdù bá ṣì ń wọ fóònù yín lẹ́yìn tí ẹ kúrò, ẹnìkan ṣì ń fi orúkọ yín ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí èmi ì bá ṣe kọ ọ́ rèé:

*"Alájì wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà.*

*Iṣẹ́ ìwé owó tí mò ń bá yín ṣe yóò parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà. Ọjà yín ti gbòòrò, ó ti tó kí ẹnìkan máa jókòó tì í lójoojúmọ́, èmi ò sì lè jẹ́ ẹni náà.*

*N ó parí ìwé oṣù karùn-ún àti ti oṣù kẹfà. Owó orí òṣìṣẹ́ àti Fáàtì ti oṣù karùn-ún, èmi ni n ó fi ránṣẹ́ nínú oṣù kẹfà yìí. Ti oṣù kẹfà, tí ọjọ́ wọn jẹ́ 10 àti 21 oṣù keje, n ó kọ iye wọn sílẹ̀, ẹni tí ẹ bá mú ni yóò fi wọ́n ránṣẹ́.*

*Ní ọjọ́ 3 oṣù keje, n ó kó gbogbo ìwé yín àti fáìlì orí kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù Láfẹ́nwá. A ó jọ kà wọ́n, a ó sì jọ fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ wọn. Iṣẹ́ tuntun tó bá yọjú lẹ́yìn òní, ẹ jẹ́ kó dúró de ẹni tó ń bọ̀.*

*Mo dúpẹ́ pé ẹ fọkàn tán mi láti ọdún wọ̀nyí."*

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀dà méjì, kí Alájì tàbí akọ̀wé wọn fọwọ́ sí ọ̀kan, kó kọ ọjọ́ tó gbà á. Èyí ni yóò wà lọ́wọ́ yín.

Adírẹ Ìtòkú:

Gbólóhùn "iṣẹ́ tuntun" yẹn ni kí ẹ dì mú, Ìyá Tóbi. Èmi ń ya àwòrán adìrẹ fún oníbàárà kan, iye kan náà lórí bátánì kọ̀ọ̀kan, ó wá di pé ó ń ní kí n yí àwọ̀ padà lẹ́yìn tí mo ti kó aṣọ kúrò nínú aró. Mo kọ̀wé pé oṣù yẹn ni ìparí. Kí oṣù náà tó pé, gbogbo ohun tó ti ń rò láti ọdún méjì ló kó dé. Ó ní ṣebí oṣù ò tíì pé. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tó wà nílẹ̀ nìkan ni n ó parí, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi dá a lóhùn.

Kọ́lájọ:

Àǹtí, mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ oṣù keje yẹn. Ẹni tuntun tó dé lọ́jọ́ 3, ṣé ó lè fi owó orí òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ kí ọjọ́ 10 tó kọjá? Kò tíì mọ orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Tí wọn ò bá sì rí ẹni tuntun ńkọ́? Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Èrò tèmi ni kí Ìyá Tóbi fi ti oṣù kẹfà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí òpin iṣẹ́ jẹ́ ọjọ́ 21 oṣù keje.

Àǹtí Oníṣirò:

Ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn máa di ìlẹ̀kùn tí wọn ò tì. Ṣọ́ọ̀bù ṣì ń tajà, wọ́n á máa pè é. Tó bá fẹ́ ṣe é, kí lẹ́tà sọ pé nǹkan méjì yẹn nìkan ni, kó sì kọ iye tí wọ́n máa san lé e. Ẹ̀yin lẹ mọ Alájì, Ìyá Tóbi, ẹ yan èyí tó bá yín lára mu.

Ìyá Tóbi:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ti báǹkì ńkọ́? Wọ́n ṣì ń pè mí lórí ìwé ọdún mẹ́ta yẹn.

Àǹtí Oníṣirò:

Ẹ fún Alájì ní ohun tí ẹ ti ṣe, kí ẹ kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé inú ìwé tí wọ́n kó fún yín lẹ ti ṣà á jọ, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Alájì ni kó gbé e lọ sí báǹkì. Tí báǹkì bá ní ọ́dítọ̀ ni kó fọwọ́ sí i, iṣẹ́ yín kọ́ nìyẹn, ẹ má buwọ́ lu nǹkan kan.

Ìyá Àgbà Kútọ̀:

Ọmọ mi, gbogbo ohun tí wọ́n sọ dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ bàbá rẹ ni. Má jẹ́ kó gba ìwé yìí lọ́wọ́ akọ̀wé. Lọ kí i nílé lálẹ́ ọjọ́ kan, kúnlẹ̀, sọ ọ́ fún un lẹ́nu, kí o tó gbé ìwé kalẹ̀.

Bàbá Onípáànù:

Ìyá, tó bá délé, wọ́n á bẹ̀ ẹ́, á sì gbà.

Ìyá Tóbi:

Ohun tí mò ń rò nìyẹn, sà. Mo máa lọ kí wọn, ṣùgbọ́n n ó ti tẹ lẹ́tà náà, n ó ti fọwọ́ sí i kí n tó kúrò nílé. Owó oṣù karùn-ún, mo ti kọ ìnfọ́ìsì rẹ̀ lọ́tọ̀, akọ̀wé wọn ni n ó fún. Ti ọjọ́ 10 àti 21 yẹn, mo ṣì ń rò ó. N ó kọ́kọ́ bi ọmọ wọn bóyá wọ́n ti lẹ́nìkan lọ́kàn.