Fọ́tò fláàṣì sọ ojú mi di funfun nígbà tí a ń dán méékáàpù ìgbéyàwó wò

Ìyàwó Kàbà: Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìgbéyàwó mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo sì lọ dán méékáàpù wò lọ́dọ̀ oníméékáàpù kan níbí ní Kàbà. Nínú dígí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọ̀ ojú mi bá ti ọrùn mu régí, ìyá mi náà sì fọwọ́ sí i. Àfi ìgbà tí àbúrò mi fi fóònù yà mí pẹ̀lú fláàṣì. Abẹ́ ojú, iwájú orí àti imú mi funfun bí ẹni tó fi ẹfun kun ojú, ọrùn sì dúdú bó ṣe wà. Ó pa fláàṣì, ó tún un yà, ó dára. Kí ló fà á?

Ìyá Ìbejì Ẹ̀gbẹ̀: Fáńdéṣọ̀n yẹn ló mọ́ ju àwọ̀ rẹ lọ. Ó ṣe àbúrò ọkọ mi bẹ́ẹ̀. Ní kó lo èyí tó dúdú sí i.

Bàbá Ìyàrà: Ọmọ mi, má torí ìgbéyàwó bóra o. Àwọ̀ tí Ọlọ́run fún ọ dára.

Ìyàwó Kàbà: Ẹ ṣé sà, mi ò bóra. Inú fọ́tò nìkan ló ti ń funfun.

Oníméékáàpù Mọ́pà: Ìyá Ìbejì, fáńdéṣọ̀n tó mọ́ jù máa ń fa irú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ óò ti rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ẹnikẹ́ni tó ya fọ́tò. Èyí tó ń fara pamọ́ títí fláàṣì fi tàn, páúdà ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Páúdà funfun tí wọ́n ní kò ní àwọ̀ yẹn, sílíkà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú yàrá, ìmọ́lẹ̀ ń wá láti ọ̀tún àti òsì, páúdà náà kì í hàn. Ṣùgbọ́n fláàṣì fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kámẹ́rà gan-an. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kọlu páúdà náà, ó sì padà tààrà sínú kámẹ́rà. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, funfun yẹn kì í ṣeé fi pamọ́. Ìpara tó ń dènà oòrùn náà lè ṣe é, bí títáníọ́ọ̀mù tàbí síńkì bá wà nínú rẹ̀, nítorí èròjà funfun ni àwọn méjèèjì. Kí ni ó fi sí ọ lójú?

Ìyàwó Kàbà: Ìpara oòrùn ló kọ́kọ́ fi pa mí, lẹ́yìn náà fáńdéṣọ̀n. Ó wá fi sípọ́ńjì tẹ páúdà funfun tó nípọn sí abẹ́ ojú mi, ó ní kó jókòó díẹ̀ kí òun tó gbọ̀n ọ́n kúrò.

Oníméékáàpù Mọ́pà: Ẹ padà lọ, kí ẹ máa ya fọ́tò fláàṣì lẹ́yìn ohun kọ̀ọ̀kan tó bá fi sójú: ojú lásán, ìpara, fáńdéṣọ̀n, páúdà. Ibì kan náà ni kí o dúró sí. Èyí tó bá mú funfun wá á fara hàn fúnra rẹ̀.

Ayàwòrán Ìsánlú: Ẹ máa wo ọrùn àti ọwọ́ pẹ̀lú. Bí gbogbo wọn bá funfun pọ̀ mọ́ ojú, kámẹ́rà ló da ìmọ́lẹ̀ jù, pàápàá bí ẹ̀yìn rẹ bá ṣókùnkùn tí ẹni tó ń yà ọ́ sì sún mọ́ ọ jù. Ojú nìkan ló funfun? Ohun tó wà lójú ni. Ẹ pa ètò ìtúnjúṣe inú fóònù náà o, ó máa ń fọ ojú mọ́ láìsọ fún èèyàn.

Ìyàwó Kàbà: A ti ṣe é. Ojú lásán dára. Ìpara oòrùn mú kó rí bí eérú díẹ̀, fáńdéṣọ̀n kò fi kún un. Páúdà ló sọ abẹ́ ojú di funfun pátápátá. A fọ ojú, a ò lo ìpara náà mọ́, ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì lo páúdà aláwọ̀ bí tèmi, fẹ́ẹ́rẹ́. Ojú àti ọrùn ti bára mu. Imú ṣì ń mọ́ díẹ̀ bí àbúrò mi bá sún mọ́ mi.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀gbẹ̀: Hẹ̀n-ẹ́n! Ṣùgbọ́n bí páúdà bá fẹ́ẹ́rẹ́ báyẹn, ṣé òógùn ò ní í ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ kí ijó tó parí?

Oníméékáàpù Mọ́pà: Ó lè dán lóòótọ́. Kí ó mú páúdà aláwọ̀ náà dání, kí wọ́n fi pépà tẹ òógùn gbẹ kí wọ́n tó tún un fi. Ọ̀rọ̀ oòrùn ìta ló kù. Àwọn ìpara kan wà tí kò ní èròjà funfun wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ẹ fi fláàṣì dán an wò kó tó di ọjọ́ náà.

Ayàwòrán Ìsánlú: Ẹ sọ fún ẹni tó máa ya fọ́tò pé kó kọjú fláàṣì rẹ̀ sí àjà, kí ìmọ́lẹ̀ ti òkè wá bá ojú. Àjà gbọ̀ngán yẹn ńkọ́, ṣé funfun ni?

Ìyàwó Kàbà: Pákó aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ó sì ga.

Ayàwòrán Ìsánlú: A jẹ́ pé kò ní í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọ̀ pákó á tún kun ojú. Kó gbé fláàṣì kúrò lórí kámẹ́rà, kó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.