Àdàpè, àwíjàre àti gíláàsì Kílàákì Kẹ́ǹtì

Ẹni tó béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìtàn akọni alágbára kan, iṣẹ́ náà sì ti há mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni ká máa pe ẹni kejì tí akọni ń jẹ́ nígbà tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ akọni? Mo kọ "ìdánimọ̀ ìkọ̀kọ̀", kò dùn létí mi. Èkejì ni àlàyé tí òǹkọ̀wé máa ń ṣe kí a lè gbà pé gíláàsì ojú lásán ń tan gbogbo ìlú jẹ. Kí lorúkọ ìyẹn?

Akọ̀wé ọ́fíìsì:
Ṣé káàdì ìdánimọ̀ tí èèyàn fi pamọ́ lẹ ń wí? "Káàdì àfipamọ́" ti tó.

Ẹni tó béèrè:
Rárá o, kì í ṣe káàdì. Ó ti yé mi wàyí pé ọ̀rọ̀ mi kò dáa. Ẹni àkọ́kọ́ tó kà á, káàdì ló rí.

Bàbá olùkọ́:
Ẹ má wulẹ̀ dá ara yín lágara. "Ìbòjú" ni. Gbogbo àwọn akọni yìí ló ń bojú. Sórò tó jáde nínú ìtàn ní 1919 ń bojú, Bátímáànù ń bojú, gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé wọn náà ń bojú. Ojú tí a bò ni kò jẹ́ ká mọ̀ wọ́n.

Àǹtí atúmọ̀:
Ẹ jọ̀ọ́ sà, Sórò ni ọ̀rọ̀ yín bá mu. Láti 1938 tí Jẹ́rì Síígẹ̀lì àti Jóò Ṣọ́sítà ti gbé Súpámáànù jáde, ojú rẹ̀ gbalasa ni. Kílàákì Kẹ́ǹtì akọ̀ròyìn, ẹni kejì tí Súpámáànù ń jẹ́, ló fi nǹkan sójú, gíláàsì ló sì fi sí i. Ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n wà. Ẹni tó bá bojú, gbogbo ayé á máa béèrè pé ta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ṣíjú sílẹ̀ fún yín, kí lẹ tún fẹ́ wá lára rẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń wá Kílàákì kiri, torí kò sẹ́ni tó rò pé Súpámáànù tún ní orúkọ míì tó ń jẹ́.

Àbúrò, "àdàpè" ni kí ẹ lò. Tí a bá ní ọmọ ń fẹ́wọ́, gbogbo wa mọ̀ pé àdàpè olè ni. A ò fi aṣọ bo olè náà, a kàn pè é ní nǹkan míì ni, ara sì tù wá.

Bàbá olùkọ́:
Àdàpè orúkọ nìyẹn. Ọmọkùnrin yìí ní iṣẹ́, ó ní ilé, ó ní ohùn tó yàtọ̀. Orúkọ nìkan kọ́ ló yí padà.

Àǹtí atúmọ̀:
Òótọ́ lẹ sọ níbẹ̀, mo gbà. Nínú fíìmù Súpámáànù ti 1978, ibì kan wà tí Lọ́ìsì, akọ̀ròyìn tí òun àti Kílàákì jọ ń ṣiṣẹ́, wọ yàrá lọ láti múra. Kílàákì dúró ní pálọ̀, ó bọ́ gíláàsì, ó na ẹ̀yìn tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ó sì la ẹnu pẹ̀lú ohùn tó wúwo. Ó fẹ́ jẹ́wọ́. Bí ọkàn rẹ̀ ṣe já báyìí, èjìká tún wálẹ̀, gíláàsì tún padà sójú. Kírísítọ́fà Rífì ló ṣe é. Òun nìkan ló wà níwájú kámẹ́rà, àmọ́ ẹni méjì lẹ máa rí. Gíláàsì kọ́ ló ṣe é, ẹ̀yìn ni. Torí náà, ẹ fi "ayé" sí i, kó di "ayé àdàpè". Tó bá jẹ́ ohun tó ń fi ara rẹ̀ ṣe ni, "ìdíbọ́n" ti wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìbéèrè kejì, torí òun ló dùn jù. Ọ̀rọ̀ méjì la ní, wọn kì í ṣe ìkan náà: àwáwí àti àwíjàre. Àwáwí lohun tí èèyàn ń wá sọ nígbà tí ọwọ́ ti bà á. Àwíjàre, ó sọ ọ́, ó sì jàre.

Àpẹẹrẹ àwáwí: ìtàn kan jáde nínú ìwé Súpámáànù ní 1978 pé ara ọkọ̀ tó gbé e wá sílé ayé ni gíláàsì náà ti wá, pé ojú rẹ̀ ní agbára tó ń mú èèyàn bí oògùn, gíláàsì sì ń sọ agbára náà di ńlá, débi tí gbogbo ẹni tó bá wo Kílàákì á fi rí ọkùnrin tó rù ju bó ṣe rí lọ. Wò ó bó ṣe ń fà wàhálà! Nínú àwọn ìtàn tó ti kọjá, Bátímáànù ti múra bíi Kílàákì láti gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn èèyàn sì gbà pé Kílàákì ni. Bátímáànù ò ní agbára ojú kankan. Tí àlàyé bá ti ń ba ìtàn àná jẹ́, ẹ mọ̀ pé àwáwí ni. Àwọn òǹkọ̀wé tó tẹ̀ lé e kò gbé e lérí.

Ti Jọ́ọ̀nù Báìnì, òǹkọ̀wé Súpámáànù ní 1987, lèmi ń pè ní àwíjàre. Lẹ́ẹ̀sì Lútọ̀, ọ̀tá Súpámáànù, kó gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Kílàákì àti Súpámáànù sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: Súpámáànù ni Kílàákì Kẹ́ǹtì. Obìnrin tó ṣe iṣẹ́ náà ń dúró de ìyìn. Lútọ̀ lé e lẹ́nu iṣẹ́! Ó ní ẹni tó bá ní irú agbára bẹ́ẹ̀ kò lè fi ara rẹ̀ ṣe mẹ̀kúnnù láéláé. Òun náà kò jẹ́ ṣe é, ló bá rò pé kò sẹ́ni tó jẹ́ ṣe é. Kò sí oògùn, kò sí ìtànṣán. Ìgbéraga rẹ̀ ni gíláàsì náà.

Nọ́ọ̀sì kan:
Èmi ò mọ kọ́míìkì, àmọ́ gíláàsì nìkan tó o. Mo wẹ aláìsàn kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A pàdé lójú títì, mi ò wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n sún fún òun kọjá. Kò mọ̀ mí rárá.

Ẹni tó béèrè:
Àwọn olùwádìí kan ní Fáfitì Yọ́ọ̀kì náà dán an wò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn wo fọ́tò méjì, kí wọ́n sọ bóyá ẹnì kan náà ni. Tí àwọn fọ́tò méjèèjì bá jọ wọ gíláàsì tàbí tí wọn ò jọ wọ̀ ọ́, wọ́n ń gbà á tó nǹkan bí ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ọ̀kan bá wọ̀ ọ́ tí èkejì ò wọ̀ ọ́, ó wálẹ̀ sí bíi mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Àǹtí atúmọ̀:
Ojú tí wọn kò rí rí ni wọ́n fi hàn wọ́n, àbúrò. Lọ́ìsì ń jókòó ti Kílàákì lójoojúmọ́. Ìwádìí yẹn lè gbèjà ará ọjà, kò lè gbèjà Lọ́ìsì. Ti Nọ́ọ̀sì sún mọ́ ọn díẹ̀, torí aláìsàn yẹn ti mọ ojú yín, ibi tó ti mọ̀ ọ́n ni kò bá a lọ.

Bàbá olùkọ́:
Mo ṣì dúró lórí ìbòjú fún àwọn tó bojú.

Ẹni tó béèrè:
Fún àwọn yẹn, mo gbà, sà. Mo ti kọ "ayé àdàpè" sí ojú ìwé kẹta, ó sì lọ dáadáa títí mo fi dé ibi tí ọ̀tá ti mọ ẹni tí akọni náà ń jẹ́. Àṣírí ló máa ń tú. Àdàpè kì í tú. Kí ni àdàpè máa ń ṣe?

Nọ́ọ̀sì kan:
Ó máa ń jó.

Àǹtí atúmọ̀:
Ìbòjú ló ń ṣí, àṣírí ló ń tú. Mo ti ń wá ti àdàpè láti àárọ̀, mi ò tíì rí i.