Dáì inú síkáànù CT: kíndìnrín Màmá àti ọ̀rọ̀ edé

Ìyá Fèyí, Lẹ́stà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Wọ́n rí kókó kan nínú ẹ̀dọ̀ wọn nígbà tí wọ́n ṣe síkáànù inú fún wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Dókítà wá ní kí wọ́n lọ ya CT ní Ṣàgámù, èyí tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní dáì. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn jà, mẹtifọ́mìnì ni wọ́n ń lò. Àbúrò mi tó wà nílé ya fọ́tò èsì ẹ̀jẹ̀ wọn ránṣẹ́, ó ní kíréátínì, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń fọ̀ jáde, jẹ́ 141. Màmá kì í sì í jẹ edé, ara wọn á máa yún wọn, á sì lé. Bí a bá se ìkọ́kọrẹ́ nílé wa, ìkòkò tiwọn máa ń dá wà ni. Ṣé kí n ní kí wọ́n má gba dáì yìí?

Láńre, Húsítìnì
Ẹ̀gbọ́n, 141 kẹ̀! Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá ti lé ní 1 àti díẹ̀ ni wọ́n ti ń pè padà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún Màmá ní nǹkan kan o. Edé yẹn gan-an tún ni, áyódíìnì ló wà nínú ẹ̀, áyódíìnì náà ló sì wà nínú dáì. Ara tó bá kọ ọ̀kan á kọ èkejì.

Àǹtí Rẹ̀mí, Tòróńtò
Ẹ fara balẹ̀ ná. Iṣẹ́ tí mò ń jẹ nìyí, èmi ni mò ń gbé èèyàn sórí ẹ̀rọ náà tí mo sì ń fún wọn ní dáì. Láńre, tún fọ́tò yẹn wò dáadáa, wàá rí µmol/L lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Òun la máa ń lò níbí náà. Mg/dL ni tiyín ní Húsítìnì. Fi 88.4 pín 141, ohun tí wàá rí ni 1.6. Ó ga ju bó ṣe yẹ lọ, àmọ́ kì í ṣe ohun tí à ń torí ẹ̀ yọ orúkọ èèyàn kúrò nínú ìwé.

Kíréátínì nìkan kò tiẹ̀ tó. A máa ń fi ọjọ́ orí kún un, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ká tó mọ eGFR, ìyẹn bí kíndìnrín ṣe ń fọ ẹ̀jẹ̀ tó. Ti Màmá ń lọ sí bíi 35. Ààlà tí à ń wò ni 30. Ẹni tó bá wà lókè ibẹ̀, tí kíndìnrín rẹ̀ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń daṣẹ́ sílẹ̀, ewu pé dáì á bà á jẹ́ kéré púpọ̀. Bó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a ó fa omi iyọ̀ sí i lára ṣáájú àti lẹ́yìn, dókítà á sì wò ó bóyá ohun tí síkáànù fẹ́ sọ tó ewu tó wà níbẹ̀.

Túnjí, Dọ́blìn
Àǹtí, mo fi nọ́ńbà wọn sínú ẹ̀rọ ìṣirò kan lórí fóònù mi, 38 ló gbé jáde fún mi.

Àǹtí Rẹ̀mí, Tòróńtò
Ó bi ọ́ bóyá aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, àbí? Ti àtijọ́ nìyẹn. Wọ́n máa ń sọ nọ́ńbà aláwọ̀ dúdú di ńlá níbẹ̀. Láti 2021 ni ìṣirò tuntun ti yọ ọ́ kúrò. Ní ti Màmá kò yí nǹkan padà, àmọ́ ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 28 lè di 31 lórí èyí tí o lò yẹn, a ó sì rò pé ó ti kọjá ààlà. Ẹ máa lo ti 2021.

Ìyá Fèyí, ohun tó kù tó ká mi lára nìyí: ṣé bí 141 ṣe wà láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè? Bó bá jẹ́ 90 ló wà lóṣù tó kọjá, kíndìnrín ń ṣubú lọ nìyẹn, 35 tí mo ṣírò kò sì ṣeé gbára lé mọ́. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín wá èsì àtijọ́.

Ìyá Bùsáyọ̀, Mílánù
Èmi náà ti gba dáì yẹn o, nínú ẹ̀rọ tó rí bí ihò, tó ń dún gbàgà-gbàgà. Wọ́n dí mi létí. Kò ṣe mí ní ohunkóhun.

Àǹtí Rẹ̀mí, Tòróńtò
MRI nìyẹn, Ìyá Bùsáyọ̀. Oògùn ibẹ̀ yàtọ̀, kò sí áyódíìnì nínú rẹ̀. Bí ara yín ṣe gbà á kò sọ ohunkóhun fún wa nípa èyí.

Túnjí, Dọ́blìn
Kí ni dáì náà tiẹ̀ ń ṣe? Ṣé wọn kò lè ya CT láìsí i?

Àǹtí Rẹ̀mí, Tòróńtò
Wọ́n lè yà á, àmọ́ nínú ẹ̀dọ̀, kókó àti ẹran ẹ̀dọ̀ lè jẹ́ eérú kan náà nínú àwòrán, tí ojú kò ní dá wọn mọ̀. Áyódíìnì máa ń gba ìtànṣán ẹ̀kìsíréè dúró, kò jẹ́ kó kọjá, ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé e dé á sì funfun. A máa ń fi ẹ̀rọ tẹ nǹkan bíi mílílítà 100 wọ iṣan apá, mẹ́rin mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Aláìsàn á rí i pé ara òun gbóná láti ọ̀fun dé abẹ́, ẹnu á korò bí irin, á sì dà bíi pé òun ti tọ̀ sára. Ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n má fi ẹ̀rù sún kúrò níbi tí wọ́n sùn sí.

Àsìkò ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ máa ń gba ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti inú iṣan tó ń bọ̀ láti ìfun, àmọ́ jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ sábà máa ń mu látinú iṣan tó ti ọkàn wá. A ya àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 35, kókó bẹ́ẹ̀ á ti tàn nígbà tí ẹ̀dọ̀ kò tíì tàn. A tún yà á ní 70, ẹ̀dọ̀ á tàn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta a tún yà á, kókó á ti ṣú. Títàn tó yá yẹn àti ṣíṣú rẹ̀ lẹ́yìn ni dókítà ń wá. Bí a bá yọ dáì kúrò, ìbéèrè tó gbé Màmá lọ sí Ṣàgámù kò ní rí ìdáhùn.

Láńre, Húsítìnì
Mo gbọ́, Àǹtí. Edé wá ńkọ́?

Àǹtí Rẹ̀mí, Tòróńtò
Purotéènì inú edé ni ara Màmá ń kọ̀, kì í ṣe áyódíìnì. Ṣebí wọ́n ń jẹ iyọ̀ tí wọ́n fi áyódíìnì sí lójoojúmọ́? Ẹni tí ọ̀rọ̀ áyódíìnì kàn ni ẹni tí ẹ̀yà ara inú ọrùn rẹ̀ tó máa ń di gẹ̀gẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kọjá ààlà, òun ló yẹ kó sọ ọ́ fún wọn. Ohun tí à ń bẹ̀rù jù ni kí ara èèyàn ti kọ irú dáì yìí kan náà rí. Ẹ bi Màmá: ṣé wọ́n ti gbà á rí? Bí ara wọn bá lé tàbí ọ̀fun wọn wú nígbà náà, kí wọ́n sọ orúkọ èyí tí wọ́n gbà, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò. Oògùn tí à ń fún èèyàn ṣáájú kì í fi gbogbo ìgbà dí i lọ́nà.

Túnjí, Dọ́blìn
Èmi bì lẹ́yìn tèmi, wọ́n sì kọ “àlẹ́jì” sínú fáìlì mi.

Àǹtí Rẹ̀mí, Tòróńtò
Èébì nìkan kì í ṣe àlẹ́jì. Ní kí wọ́n tún un kọ, torí orúkọ yẹn lè dá síkáànù rẹ dúró lọ́jọ́ tó bá jẹ́ kánjúkánjú.

Ìyá Fèyí, Lẹ́stà
Àbúrò mi ti rí èsì oṣù mẹ́rin sẹ́yìn: 138. Wọn kò gba dáì rí. Mẹtifọ́mìnì ńkọ́?

Àǹtí Rẹ̀mí, Tòróńtò
138 àti 141, ọ̀kan náà ni wọ́n, ọkàn mi balẹ̀. Mẹtifọ́mìnì ni ẹnu kò kò lórí rẹ̀. Kì í ba kíndìnrín jẹ́. Ohun tí a ń bẹ̀rù ni pé bí kíndìnrín bá daṣẹ́ sílẹ̀, oògùn náà á kóra jọ, ásíìdì á sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwé àwọn tó ń ya síkáànù ní Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó wà lókè 30 máa lò ó lọ. Ìwé inú páálí oògùn náà níbẹ̀ ní kí ẹni tó wà láàárín 30 sí 60 dá a dúró, kí wọ́n tún yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí 48 kó tó padà sí i. Ibi tí Màmá ń lọ ni kí ó pinnu. Ẹ pè wọ́n kí ọjọ́ tó pé.

Bí wọ́n bá yà á tán, kí wọ́n má kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sí wọn lápá sì wà níbẹ̀. Bí ara bá ń yún wọn, tí ohùn wọn há, tí àyà wọn ń dún fíì-fíì, tàbí tí ojú ń ṣú wọn, kí àbúrò yín kígbe pe nọ́ọ̀sì, adirẹnálíìnì ni wọ́n máa gún sí itan. Kí ó bèèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ bóyá ó wà nínú yàrá náà.